Ìdí tí bàbà fi ṣáájú irin

“Ẹ̀yin àgbà, òkúta irin pọ̀ ju ti bàbà lọ. Kí ló dé tí àwọn èèyàn ní ọ̀pọ̀ ibi láyé fi kọ́kọ́ lo bàbà kí wọ́n tó lo irin?”

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ iná ni. Bàbà ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 1,085 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Irin ń fẹ́ 1,538, ìléru amọ̀ bíi ti Tàrúgà, níbi tí wọ́n ti ń yọ irin ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn láàrin gbùngbùn Nàìjíríà, kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí inú òkúta irin, ló ń yọ́ ṣàn. Irin á kù sínú ìléru bíi kànìnkànìn. Alágbẹ̀dẹ á máa lù ú ní gbígbóná títí ìdàrọ́ tó há sínú ihò rẹ̀ á fi jáde. Bí ìdàrọ́ bá ṣẹ́kù púpọ̀, ọkọ́ á kán lóko, idà á ṣẹ́ lójú ogun. Ẹni tó mọ irin lù kì í ṣe ẹni tí ìlú ń fojú di.