Kí ẹ tó gba ìdána, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé yanjú

“Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Opó ni mí, ẹni ọdún 61, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú fẹ́ fi mí ṣe aya. Àwọn ọmọ mi ò bá mi jà, àmọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ilé bàbá àwọn ni mò ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn yìí náà ni mo wà. Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi jáde láyé ni mo fẹ́ ọkọ tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, òun náà sì ti sin ìyàwó tirẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí yín yẹn ni wọ́n sọ sí èmi náà, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tilẹ̀ sọ ọ́ lójú mi.

Ẹ má tíì pe àwọn ọmọ yẹn ní ìkà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nídìí. Bí bàbá wọn bá gbé yín lọ sí rẹ́jísìtìrì, tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, tó wá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin ní ìpínlẹ̀ wa yóò fún ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó fi sílẹ̀. Gbogbo ọmọ, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, ni yóò jọ pín ìdá méjì yòókù. Ohun tó tún wá burú lójú wọn ni pé bí ó bá ti kọ ìwé ìhágún fún wọn tẹ́lẹ̀, ìgbéyàwó rẹ́jísìtìrì yẹn ń pa ìwé náà rẹ́. Lọ́yà kan ti sọ èyí fún àkọ́bí ọkọ mi kó tó wá bá mi. Mo rò pé ìbínú lásán ló ń bí i, àṣé ó ti ṣe ìwádìí.

Àmọ́ ẹ̀yin náà, ẹ wo apá tiyín. Bí ó bá jẹ́ ìdána ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ìwé ìhágún tó ti kọ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Láti ọdún 1929 ni kóòtù ti ń dá a bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló ń jogún, ẹ̀yin kò sì ní bímọ fún bàbá yìí mọ́. Ọjọ́ tó bá kú, ọwọ́ àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilé yóò wà. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí tí ẹ sì so yìgì lọ́dọ̀ àáfà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó nígbà tí ọkọ bá ti lọ́mọ.

Bí àwa ṣe yanjú tiwa nìyí. Ilé méjì ni ọkọ mi ní. Èyí tó tóbi, òun àti olóògbé ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Aṣọ ni ìyá yẹn ń tà ní Gbági, owó ọjà rẹ̀ ló fi ra páànù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dun àwọn ọmọ, pé ọwọ́ ìyá àwọn wà lára ògiri tí obìnrin mìíràn fẹ́ wọ̀. Mo sọ fún bàbá pé n kò ní gbé ibẹ̀. Ó fi ìwé ẹ̀bùn gbé ilé náà fún àwọn ọmọ nígbà tó wà láàyè, lọ́yà sì ṣàlàyé pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà sí i kó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí òfin ilẹ̀ ọdún 1978. Owó kékeré kọ́ ló bá a lọ, ó sì pẹ́.

Ilé kejì, èyí tó kéré ní Mọ́níyà, la wà. A kọ́kọ́ ṣe rẹ́jísìtìrì, lẹ́yìn náà ló tó kọ ìwé ìhágún, kí ìgbéyàwó má baà pa á rẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ó bá kú ṣáájú mi, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ilé yẹn títí èmi náà yóò fi kú tàbí tí mo bá fẹ́ ẹlòmíràn. N kò lè tà á, n kò lè fi yáwó. Lẹ́yìn mi, ó di tàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí o: ẹlẹ́rìí méjì ló ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí oníwèé ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí ìwé náà bá fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya ẹni náà kò sì gbọdọ̀. Bí ẹ bá ṣe ẹlẹ́rìí fún ọkọ yín, ohun tó fi sílẹ̀ fún yín ti wọmi nìyẹn. Kóòtù Gíga ni a tọ́jú tiwa sí, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ tí bàbá ka gbogbo èyí fún àwọn ọmọ rẹ̀, àkọ́bí ní kí wọ́n tún apá tó kan ilé Mọ́níyà kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní, “Ṣé lẹ́yìn màmá, àwa la ni ín?” Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí ní màmá nìyẹn, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé òun pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó ku obìnrin àárín wọn. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé rárá. Láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀. Káńfọ̀ ń rùn níbẹ̀ gùù. Mo ní kí bàbá pe àwọn obìnrin náà kí wọ́n wá pín aṣọ ìyá wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọmọ yẹn sunkún títí lórí gèlè kan. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé kí wọ́n gbé fọ́tò ìyá òun kúrò ní pálọ̀. Mo ní ibi tí ó wà náà ni yóò wà.

Ti àwọn aládùúgbò àti ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbọ́ ọ. Bí ìyàwó ọkùnrin bá kú, wọn a ní kó tètè wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Bí obìnrin bá wí irú ẹ̀, wọn a ní kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi bàbá yín gan-an ni ta ló ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ báyìí, ta ló ń tẹ̀ lé e lọ sọ́sípítù. Bí kò bá ní ìdáhùn mìíràn ju “ìwọ ni yóò máa ṣe é”, nọ́ọ̀sì ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ nǹkan méjì kan: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé yẹn, ṣé ti bàbá nìkan ni àbí ti olóògbé wà níbẹ̀? Bí tirẹ̀ bá wà níbẹ̀, ìpín tirẹ̀ lè má jẹ́ ti bàbá nìkan láti fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ wà báyìí, ilé yín ni àbí ti ẹbí ọkọ tó kú? Bí ó bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ má kó ẹrù kankan jáde kí ẹ tó bá lọ́yà sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti bàbá.