Bàtà sójà tí wọ́n kọ 275/108 sí: ṣé ẹlẹ́sẹ̀ 43 lè wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí bàtà sójà Jámánì kan tó ṣì lágbára lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù. 275/108 ni wọ́n kọ sí i lára, kò sí nọ́ńbà mìíràn. 43 ni mo máa ń wọ̀. Mo wá a lórí fóònù: ibì kan ní 275 jẹ́ 41, ibòmíràn ní 44 ni. Èwo ni kí n gbà gbọ́, báwo ni mo sì ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ 44 ló sún mọ́ òótọ́. Ẹni tó sọ 41 náà mọ ìṣirò, àmọ́ ó gbàgbé ohun kan, ohun tó gbàgbé yẹn ló sì máa ń da gbogbo ènìyàn láàmú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

275 tí ẹ rí yẹn kì í ṣe gígùn bàtà. Gígùn ẹsẹ̀ ni, ní mìlímítà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 275, tí ó sì fẹ̀ tó mìlímítà 108 níbi tó ti fẹ̀ jù, ni wọ́n ṣe bàtà yẹn fún. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Mọ́ńdópóìntì nìyẹn. Ìwé òfin tó wà fún un lágbàáyé ni ISO 9407, àwọn ológun Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára àwọn tó ń lò ó. Àwọn tó ń ṣe bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín ń lò ó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà ni tiwọn, nítorí náà 27.5 lẹ máa bá lára bàtà bẹ́ẹ̀ dípò 275. Nọ́ńbà kan náà ni.

43 tí ẹ ń wọ̀, ọmọ bàbá mìíràn ni. Òun kò wọn ẹsẹ̀ rárá. Igi tó rí bí ẹsẹ̀, tí àwa ṣúmékà fi ń mọ bàtà, tí a ń pè ní láàsìtì, òun ló wọ̀n. Láàsìtì gbọ́dọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń sún síwájú díẹ̀ nígbà tí a bá ń rìn, bí kò bá sì sí àyè níwájú, èékánná àtàǹpàkò ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Nínú bàtà tí kò ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, àyè yẹn máa ń tó mìlímítà 15 sí 20. Nọ́ńbà Yúróòpù ti ka àyè yẹn mọ́ ara rẹ̀. Mọ́ńdópóìntì kò kà á. Ẹni tó ṣe bàtà ló ń fi àyè sí i, kò sì ní hàn nínú nọ́ńbà náà.

Ẹ wá wo bí 41 yẹn ṣe wáyé. Nọ́ńbà Yúróòpù kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn ni pé nọ́ńbà mẹ́ta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 gééré. Láti yí mìlímítà padà sí nọ́ńbà Yúróòpù, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.15. Tí ẹ bá gbé 275 bẹ́ẹ̀ láìfi àyè kún un, 275 × 0.15 yóò fún yín ní 41.25. Ibẹ̀ ni ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn dúró sí. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí:

(275 + 15) × 0.15 = 43.5
(275 + 20) × 0.15 = 44.25

Nítorí náà, bàtà yẹn wà láàárín 43½ àti 44. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí àtẹ kan tó fi 275 sí abẹ́ 41, ẹ pa á dé, nítorí gbogbo ìlà inú rẹ̀ ló máa kéré ní nọ́ńbà méjì sí mẹ́ta.

Ti Gẹ̀ẹ́sì rọrùn ju bí ó ṣe jọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Hóró ọkà bálì ni wọ́n fi ń wọ̀n láyé àtijọ́, hóró mẹ́ta sí íǹṣì kan, nọ́ńbà bàtà kan sì jẹ́ hóró kan títí dòní, ìyẹn mìlímítà 8.47. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Íǹṣì 4 ni nọ́ńbà àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì dé 13, wọ́n á tún padà sí 1 fún àgbàlagbà. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì yọ àyè hóró méjì fún ìka ẹsẹ̀, ó di pé kí ẹ pín gígùn ẹsẹ̀ sí 8.47, kí ẹ wá yọ 23 kúrò. 275 pín sí 8.47 jẹ́ 32.5; ẹ yọ 23, ó ku 9½. Ti ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, ẹ yọ 22 dípò 23, yóò jẹ́ 10½. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní kíkà tiwọn, tí ó sábà máa ń fi 1½ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí náà tí ìyàwó yín bá rí 9 lára bàtà tó ti Amẹ́ríkà wá, kì í ṣe 9 tiyín o.

Ẹ jẹ́ ká wá yí i sẹ́yìn, nítorí ìbéèrè yín gan-an ni pé ẹ̀yin ń wọ 43. Ẹ pín 43 sí 0.15, ẹ ó rí nǹkan bíi 287, ìyẹn gígùn láàsìtì. Tí ẹ bá yọ 15 kúrò, ó ku 272. Tí ẹ bá yọ 20, ó ku 267. Ẹsẹ̀ tó ń wọ 43 dáadáa sábà máa ń wà nítòsí 270 nìyẹn. Bàtà tí ẹ rí fi ìgbésẹ̀ kan tóbi ju tiyín lọ, nítorí mìlímítà 5-5 ni nọ́ńbà bàtà ológun ń gùn.

Mìlímítà 5 yẹn náà ló fà á tí àwọn àtẹ tó mọ iṣẹ́ wọn pàápàá kì í bára wọn mu dọ́ba. Ìgbésẹ̀ Mọ́ńdópóìntì mẹ́rin jẹ́ mìlímítà 20, nọ́ńbà Yúróòpù mẹ́ta náà jẹ́ 20. Ẹ kò lè to mẹ́rin sórí mẹ́ta kí ọ̀kan má yọ jáde. 270 bọ́ sí 43, 285 bọ́ sí 45, àmọ́ 275 àti 280 ń jà sí 44. Àtẹ kan á fún 275 ní 44, òmíràn á fi sí 43½, òmíràn á fún 280 ní 44. Irọ́ kọ́ ni èyíkéyìí nínú wọn ń pa. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bá oníbàárà yí nọ́ńbà padà tí mo bá ti lè wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn tiyín náà kí ẹ tó na owó. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì wọ irú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ sínú bàtà náà. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ fi gìgísẹ̀ ti ògiri, kí ẹ dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà. Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó kúrú ju ti ẹni tó dúró lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi pákó kékeré kan kan ìka tó gùn jù lọ, kó fàlà síbẹ̀ (kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni àtàǹpàkò rẹ̀ gùn jù, ti àwọn mìíràn, èyí tó tẹ̀ lé e ni). Ìbú ẹsẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́ ní tààrà láti ibi oríkèé tó yọ nídìí àtàǹpàkò dé ìdí ìka kékeré. Ẹ má fi téèpù yí ẹsẹ̀ po. Ìyẹn yóò fún yín ní nǹkan tó ju 200 lọ, kò sì kan 108 yẹn rárá. Ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú méjèèjì ni kí ẹ lò.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún, nítorí èmi náà ti ṣe é. Nígbà kan tí mo gba iṣẹ́ bàtà àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, mo wọn ẹsẹ̀ wọn, mo sì fi 15 kún iye kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe fún láàsìtì, mo wá fi iye yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta bàtà oní-Mọ́ńdópóìntì. Mo ti fi àyè sórí àyè. Nígbà tí bàtà dé, gbogbo wọn ń fà á tuuru bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá jẹ́ 271, 271 lẹ ó sọ. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹlòmíràn á ki rúlà bọ inú bàtà, á rí 288, á ní ẹni tó kọ 275 sí i lára purọ́. Kò purọ́, àyè ló rí.

Ká ní ẹ wọ̀n ọ́, ẹ sì rí 268 ní ọ̀tún, 271 ní òsì, ìbú sì jẹ́ 104. 271 ti kọjá 270 díẹ̀, nítorí náà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nípọn, 275 ṣeé fara mọ́ ní ti gígùn. Ìbú ló yẹ kí ẹ fiyè sí. Mìlímítà 4 tó lé yẹn kì í dunni lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó fa okùn bàtà pọ̀ títí etí rẹ̀ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, gìgísẹ̀ á sì máa gbéra sókè. Lẹ́tà ìbú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń kọ kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, nítorí lẹ́tà kan náà ń fẹ̀ sí i bí bàtà ṣe ń gùn sí i, kì í ṣe iye mìlímítà kan pàtó. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíga ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kò sí nínú 275/108. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ga lè bá nọ́ńbà mu kó má sì lè ti ẹsẹ̀ wọlé.

Bí bàtà náà bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ jáde, ẹ dúró lé e lórí. Ó yẹ kó ku bí ìbú ìka ọwọ́ kan níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù, kí ẹsẹ̀ má sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so ó, ẹ rìn, kí ẹ wo ibi tó ti ń ká. Abẹ́ oríkèé tó fẹ̀ jù yẹn gan-an ló yẹ kó ti ká. Tó bá ń ká níwájú rẹ̀, bàtà ti gùn jù fún yín, bí iwájú rẹ̀ tilẹ̀ dùn mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ní 270/104 tàbí 275/104 nínú ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ń ta ti sójà kì í sábà ní ẹyọ kan ṣoṣo.