Fọ́tò ojú kò lè sọ bí ọwọ́ ṣe rí

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, mo fún Stable Diffusion, ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán, ní fọ́tò ojú mi pé kó yà mí lódindi, ní ìdúró. Ìka mẹ́fà ló yọ, ẹsẹ̀ kúrú, ẹyinjú òsì kò sì bá tọ̀tún mu. Ṣé kí n wá fọ́tò ojú tó mọ́ ju èyí lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má wá fọ́tò ojú kankan mọ́. Ó ti sú mi kí wọ́n máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá fọ́tò ojú tó mọ́ sí i. Bí ẹ bá ń lo IP-Adapter FaceID, àfikún tó ń mú kí Stable Diffusion ya ojú ẹni inú fọ́tò, nọ́ńbà 512 tó ṣàpèjúwe ojú nìkan ni ẹ̀rọ ń mú nínú fọ́tò yín. Ọgọ́rùn-ún fọ́tò ojú kò lè sọ bí apá yín ṣe gùn tó. Ara àwọn ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ ti rí ló fi méfò tiyín, nítorí náà ẹ má fi àwòrán náà wọn aṣọ, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

"Ṣebí mo fún un ní ojú, kí ló wá ṣe ẹyinjú?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwòrán píksẹ̀lì 512 sí 512 ni Stable Diffusion 1.5 mọ̀ jù. Bí ènìyàn bá dúró kún un látòkè délẹ̀, orí rẹ̀ a jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́jọ gíga rẹ̀, ìyẹn píksẹ̀lì 64. Ojú á fẹ̀ tó 45, ẹyinjú kan á fẹ̀ tó 9. Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí píksẹ̀lì gan-an. Orí ẹ̀dà kékeré kan ló ti ń ṣe é, níbi tí ẹyọ kan dúró fún píksẹ̀lì 8 sí 8. Ẹyinjú yín wá di bí ẹyọ kan péré, inú rẹ̀ sì ni ìpéǹpéjú, funfun ẹyinjú àti ọmọlójú gbọ́dọ̀ há sí. Ìka kan kò tilẹ̀ kún ẹyọ kan.

Ẹ dán an wò: ẹ ya orí àti èjìká nìkan, kí ẹ má yí nǹkan mìíràn padà. Bí ẹyinjú bá dọ́gba, ìwọ̀n ló fa wàhálà náà, fọ́tò yín kò jẹ̀bi.

Ẹ má fa agbára fọ́tò ojú sókè, orí a sábà tóbi ju ara lọ. Ẹ má sì ya 512 sí 1024 lẹ́ẹ̀kan náà, àyà àti ikùn a máa gùn gbọọrọ. 512 sí 768 ni kí ẹ yà, kí ẹ fi ìdúró ara nìkan yan èyí tó dára, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, ní `Inpaint`, níbi tí a ti ń tún apá kan àwòrán yà, ẹ kun orí ojú, ẹ yan `Only masked`, ìwọ̀n 512 sí 512, kí `Denoising strength`, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe máa yí i padà tó, jẹ́ bíi 0.35. Ẹyinjú á wá ní ààyè tó tó.

Ẹ pa FaceID kí ẹ tó ṣe ọwọ́ bákan náà, ní bíi 0.5. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ti di mẹ́fà, ẹ fi àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pa ọ̀kan rẹ́ ná, nítorí ohun tí ẹ̀rọ bá bá nílẹ̀ ló máa tún ṣe. Ti ẹsẹ̀ kúkúrú ni fọ́tò ìdúró yín gbogbo lè wò sàn: ẹ fi OpenPose, irinṣẹ́ tó ń rí ìdúró ara nínú fọ́tò, yọ àwọn oríkèé ara nínú rẹ̀ fún ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ fọ́tò ẹlòmíràn, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.