Ta ni Náhúmù ń bá wí ní ẹsẹ 9?

*Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kúbwà ní Àbújá níbí ni ìjọ wa wà. Ìyá kan láàárín wa bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ńlá, wọ́n sì ní kí n ka Bíbélì níbi ìdúpẹ́ wọn. Náhúmù 1:9 ni mo mú: “Ìpọ́njú kì yóò dìde lẹ́ẹ̀kejì.” Àbúrò mi ní kí n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?*

Ẹ mú pẹ́ńsùlù, kí ẹ ka orí kìíní náà tán. Ẹsẹ 15 péré ni. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí “mo”, “òun”, “ìwọ” tàbí “ẹ̀yin”, ẹ fa ìlà sí i nídìí, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí etí ìwé. Ibi tí orúkọ kò bá ti yé yín, ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, kí ẹ máa kà lọ.

Ẹsẹ 1 sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ nípa Nínéfè ni, àti pé Náhúmù ará Élíkóṣì ló rí ìran náà. Nínéfè ni olú-ìlú Asíríà. Náhúmù kò dárúkọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ bí Àìsáyà àti Jeremáyà ti ṣe, nítorí náà inú ìwé náà fúnra rẹ̀ la ti máa wá ìgbà rẹ̀. Ní 3:8, ó bi Nínéfè bóyá ó sàn ju Nóámónì lọ, ìlú ńlá àwọn ará Íjíbítì tó wà létí odò Náílì. Ọdún 663 ṣáájú ìbí Kristi ni Asíríà kó ìlú yẹn. Nínéfè náà ṣubú ní 612. Àárín ọdún méjèèjì yìí ni wolì náà ti sọ̀rọ̀. Asíríà ti pa ìjọba Samáríà rẹ́ nígbà yẹn, ọrùn Júdà sì ti mọ ìwúwo àjàgà rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, láti ẹsẹ 2 dé 11, Náhúmù ló ń sọ nípa Ọlọ́run: “òun” ló ń pè é. Ẹsẹ 12 ni “Báyìí ni OLÚWA wí” ti kọ́kọ́ jáde, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé “èmi”. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn yẹn nìkan tó yín níbòmíràn o. Hananáyà náà lò ó nínú Jeremáyà 28, irọ́ ló sì ń pa.)

Ibi tó gba sùúrù jù lọ ni “ẹ̀yin” tó wà ní ẹsẹ 9, nítorí kò sí orúkọ kankan nídìí rẹ̀. “Kí ni ẹ̀yin ń gbìrò sí OLÚWA?” Ẹ wo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ 8 ń sọ nípa ìkún omi tí yóò pa ibùdó ọ̀tá run. Ẹsẹ 11 ní ẹnì kan ti ọ̀dọ̀ rẹ jáde wá tó ń gbìrò ibi sí OLÚWA. Ìgbìrò kan náà ni. Mo gbà pé àwọn ọ̀tá, àwọn ará Nínéfè, ni wolì ń bá wí ní ẹsẹ 9: a ó pa wọ́n run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní sí ìdí láti tún un ṣe. Àwọn olùkọ́ kan rò pé Júdà tó ń ṣiyèméjì ló ń bá wí, pé Asíríà kò ní fìyà jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Asíríà ṣì ni. Bábílónì wó Jerúsálẹ́mù ní 586, ọdún 26 péré lẹ́yìn ìṣubú Nínéfè. Ìpọ́njú tún dé bá Júdà, láti ibòmíràn.

Bí a bá yọ gbólóhùn yìí nìkan jáde, ó dà bí ìgbà tí ẹni tó jókòó tì yín nínú mọ́tò Kúbwà sí Wúsè ń sọ lórí fóònù pé, “Mo ti dárí gbèsè yẹn jì ẹ́,” tí ẹ wá ń dúpẹ́ pé ẹ ti bọ́ nínú gbèsè tiyín.

Ìyá yẹn gan-an ni mo ń rò. Bí ẹ bá sọ fún wọn lójú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti ṣèlérí pé àìsàn náà kò ní padà, tó bá wá padà, àwọn èèyàn á ní ìgbàgbọ́ wọn ló kéré. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní padà lọ rí dókítà fún àyẹ̀wò mọ́, kó má dà bíi pé wọn kò gbà á gbọ́.

Àìsáyà 38:9-20 ni kí ẹ kà. Ẹsẹ 9 sọ ọ́ kedere pé ohun tí Hesekáyà ọba Júdà kọ lẹ́yìn tó ṣàìsàn tó sì sàn ni. Aláìsàn tó gbádùn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìdúpẹ́ sì ni. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ Náhúmù, ẹ mú 1:7: OLÚWA ṣeun, ibi ìsádi ni ní ọjọ́ ìpọ́njú, ó sì mọ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Wolì kò dojú ẹsẹ yẹn kọ ìlú kan. Irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ ló ń sọ. Kí ẹ tó kà á, ẹ sọ ní gbólóhùn kan pé ìgbà tí Asíríà ń ni Júdà lára ni Náhúmù sọ ọ́.