Ìfúnpá kì í ti yíyọ́ yìnyín àti híhó omi sí ọ̀nà kan náà

*Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń múra ìdánwò báàkì ní Àjàṣẹ́ ní àwòrán omi kan tó ní ìlà mẹ́ta. Ẹni tó ń wá kọ́ ọ nílé ní bí ìfúnpá bá ti ń pọ̀ sí i, ìgbóná tí yìnyín fi ń yọ́ àti èyí tí omi fi ń hó ni yóò jọ máa lọ sókè. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la tilẹ̀ ṣe ń kà á? — Ìyá kan, Kétu*

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ híhó tó sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti yíyọ́ kò tọ̀nà rárá, ó sì ti sú mi láti máa rí i nínú ìwé àwọn ọmọ.

Kíkà rẹ̀ kò le. Ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán ni ti ìgbóná, èyí tó dúró lápá òsì ni ti ìfúnpá, àwọn ìlà mẹ́ta inú rẹ̀ sì ni ààlà láàárín ilẹ̀ yìnyín, ilẹ̀ omi àti ilẹ̀ oru. Kí ọmọ yín wá ìfúnpá tí ìbéèrè fún un lápá òsì, kí ó fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti ibẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ibi tí rúlà bá ti kúrò nínú yìnyín bọ́ sínú omi ni yìnyín ti ń yọ́. Ibi tó bá ti kúrò nínú omi bọ́ sínú oru ni omi ti ń hó. Kí ó sọ̀kalẹ̀ tààrà láti ibẹ̀ wá ka ìgbóná. Ní 1 bàà, tí í ṣe bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ Àjàṣẹ́ ti rí, yóò ka 0°C àti nǹkan bíi 100°C. Kétu ga ju Àjàṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó mú bá híhó omi kò tó ìdajì ìwọ̀n kan.

Ẹ wo ìkòkò tí a ń dé pinpin, tí oru ń fọn fèrè lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìfúnpá inú rẹ̀ fi 1 bàà ju ti ìta lọ, 2 bàà ni ọmọ yóò wá lórí àwòrán, nítorí afẹ́fẹ́ ìta ti ní 1 bàà tirẹ̀. Ní 2 bàà, omi ń hó ní 120°C, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń tètè jinná níbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé afẹ́fẹ́ ìta yóò ka 100°C, bí ẹni pé ìkòkò náà kò ní ìdérí. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ihò tí oru ń gbà jáde láti dán ọ̀rọ̀ mi wò.)

Yíyọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kí ọmọ náà wo ìlà tó pààlà láàárín yìnyín àti omi: bó ti ń gòkè, apá òsì ló ń tẹ̀ sí, níbi tí òtútù wà. Bí ìfúnpá bá tó nǹkan bíi 600 bàà, yìnyín kò ní dúró de 0°C mọ́, yóò yọ́ ní -5°C. Bó bá tó 1100 bàà, ní -10°C. Ohun tó fà á ni pé yìnyín ń gba àyè ju omi tó ti wá lọ. Lítà omi kan tó bá dì yóò fẹ́ tó lítà kan àti díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, èyí ló ń fọ́ ìgò tí a bu omi kún dẹ́nu sínú fìrígò. Ohun tí ìfúnpá bá ń tẹ̀ máa ń lọ síbi tí àyè tó ń gbà yóò ti dín kù. Láàárín yìnyín àti omi, omi ló kéré jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín omi àti oru, omi ló kéré jù níbẹ̀ pẹ̀lú, ni ìfúnpá ṣe ń dì í mú kí ó má tètè di oru. Ìfúnpá ń gbè sẹ́yìn omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe olùkọ́ yẹn ti wá. Ọ̀pọ̀ ohun mìíràn ló rí bó ti sọ. Ẹ yọ́ òrí nínú ìkòkò: èyí tí kò tíì yọ́ yóò wà nísàlẹ̀ òróró, nígbà tí yìnyín ń léfòó lórí omi. Ohun tó bá ń rì sínú èyí tó yọ́ lára rẹ̀, ìlà yíyọ́ rẹ̀ á tẹ̀ sápá ọ̀tún. Omi kò sí nínú wọn.

Ohun méjì ni kí ọmọ náà ṣọ́ra fún. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń sọ títẹ̀ ìlà náà di ńlá kí ojú lè rí i. Lórí àwòrán tí a fi ìwọ̀n gidi yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà ṣánṣán, nítorí ìkòkò 2 bàà wa kò lè yí ìyọ́ yìnyín padà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kan. Èkejì, títẹ̀ sósì náà ní ìpẹ̀kun. Ní nǹkan bíi 2090 bàà àti -22°C, yìnyín tí a mọ̀ yóò yí padà di irú mìíràn tó ki ju omi lọ, láti ibẹ̀ sì ni ìlà náà ti ń yí sápá ọ̀tún. Bí àwòrán tirẹ̀ kò bá ga dé ibẹ̀, kí ó má ṣe fi rúlà fa ìlà òsì náà kọjá ibi tí wọ́n yà á dé.