Etí òsì fèrèsé kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá apá tó gùn jù lọ nínú sítírìǹgì tí lẹ́tà kankan kò ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Fèrèsé tó ń sún, ìyẹn apá sítírìǹgì tí mo ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, ni mo lò, pẹ̀lú àtẹ tó ń tọ́jú ibi tí mo ti rí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn. Àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún wa ló yege, ṣùgbọ́n tí mo bá fún un ní "abba", 3 ló ń dá padà. Kí ló dé?"

Ìlà kan ṣoṣo ló fa wàhálà yìí, òun sì ni ìlà tó ń sún etí òsì fèrèsé. Ó dá mi lójú, nítorí pé odidi ọjọ́ mẹ́ta ni èmi náà fi wá irú rẹ̀ nígbà kan kí n tó rí i. Bí mo bá wo èsì tí ẹ rí, ó jọ pé báyìí ni ìlà náà ṣe wà nínú kóòdù yín, níbi tí `last` ti jẹ́ àtẹ, tí `left` sì jẹ́ etí òsì:

```python
if c in last:
    left = last[c] + 1
```

Ẹ bá mi ka "abba" ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa ka ipò láti 0. Ní ipò 0, a rí `a`. Àtẹ kọ 0 sílẹ̀ fún un, gígùn fèrèsé sì jẹ́ 1. Ní ipò 1, a rí `b`. Àtẹ kọ 1 sílẹ̀ fún un, fèrèsé di "ab", gígùn rẹ̀ sì di 2. Ní ipò 2, `b` tún dé. Àtẹ sọ pé ipò 1 ni a ti rí i kẹ́yìn, nítorí náà `left` bọ́ sí 2, fèrèsé sì ṣẹ́ kù sí "b" kan ṣoṣo. Títí dé ibí, kò sí àṣìṣe kankan. Ní ipò 3, `a` dé. Àtẹ dáhùn pé ipò 0 ni òun ti rí i, ìlà yín fi 1 kún 0, ó sì gbé `left` láti 2 padà sí 1. Fèrèsé wá di "bba", pẹ̀lú `b` méjì nínú rẹ̀, kóòdù sì ṣírò gígùn rẹ̀ pé 3 - 1 + 1. Ibẹ̀ ni 3 yín ti wá.

Ohun tó gbé `left` dé 2 ni `b` méjì tó wà ní ipò 1 àti ipò 2. Láti ìgbà náà lọ, fèrèsé yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ipò 1 tàbí ṣáájú rẹ̀, tó sì kọjá ipò 2, ti ní `b` méjì nínú, kò sì sí lẹ́tà tó lè dé lẹ́yìn náà tí yóò mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí etí òsì bá ti kúrò, ó ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Àtẹ ní tirẹ̀ kò mọ èyí. Gbogbo lẹ́tà tó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan àwọn tí fèrèsé ti fi sẹ́yìn, kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ṣì wà nínú fèrèsé.

Ọ̀nà kejì tí àwọn ènìyàn máa ń lò kò ní ìṣòro yìí. Nínú rẹ̀, wọn a kó àwọn lẹ́tà tó wà nínú fèrèsé jọ sínú àkójọ kan, tí lẹ́tà bá sì fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, wọn a máa yọ lẹ́tà kúrò láti apá òsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí èyí tó jọ ọ́ yóò fi jáde. Ohun tó bá jáde ti parẹ́ nínú àkójọ, nítorí náà ìrántí àtijọ́ kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan ó pẹ́ tán, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ju ìlọ́po méjì iye lẹ́tà lọ. Àtẹ tí ẹ ń lò máa ń fò tààrà dé ibi tó yẹ láìyọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀nà kejì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ máa bi í léèrè nígbà gbogbo bóyá ibi tó ń tọ́ka sí ṣì wà nínú fèrèsé. Ìbéèrè náà nìyí nínú kóòdù:

```python
def longest(s):
    last = {}
    left = best = 0
    for i, c in enumerate(s):
        if c in last and last[c] >= left:
            left = last[c] + 1
        last[c] = i
        best = max(best, i - left + 1)
    return best
```

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní `left = max(left, last[c] + 1)`, èsì kan náà ni yóò sì mú wá. Èmi yan `>= left` nítorí pé ó sọ ìdí náà síta: bí ibi tí a ti rí lẹ́tà náà bá wà ṣáájú etí òsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn wá mọ́. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìlà tó ń kọ ipò tuntun sínú àtẹ wà lẹ́yìn ìbéèrè. Bí ẹ bá gbé e ṣáájú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò bá ara rẹ̀ nínú àtẹ, `left` yóò máa di `i + 1`, gígùn kò sì ní kúrò ní 0.

Mo ní láti sọ ìdí tí àwọn àpẹẹrẹ mẹ́ta náà fi yege, nítorí pé ìyẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Mo gbà pé "abcabcbb", "bbbbb" àti "pwwkew" ni wọ́n fún yín, nítorí àwọn ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ìbéèrè yìí. Nínú àkọ́kọ́, `left` ń lọ sí 1, 2, 3, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 7. Iwájú nìkan ló ń lọ. Nínú ìkejì, ìgbésẹ̀ kan ló ń gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkẹta, `p` ni fèrèsé fi sẹ́yìn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n `p` kò tún wáyé mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi àtẹ nípa rẹ̀. Kí àṣìṣe yìí tó lè fara hàn, lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú fèrèsé nítorí pé lẹ́tà mìíràn tún ara rẹ̀ ṣe níwájú rẹ̀, kí ó sì tún padà wá lẹ́yìn náà. Sítírìǹgì tó kúrú jù lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà mẹ́rin, ìrísí "abba" nìkan ló sì ní. Kò sí sítírìǹgì oní-lẹ́tà mẹ́ta tó lè tú u fó.

Ní tèmi, kì í ṣe ìdánwò ni mo wà. Wọ́n ní kí n wá apá tó gùn jù lọ nínú fáìlì kan tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kankan kò ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ kóòdù bíi tiyín, mo sì ti fi èsì ọ̀sẹ̀ mélòó kan ránṣẹ́ kí ẹnì kan tó bi mí pé báwo ni èsì ṣe lè jẹ́ 61 nígbà tí oríṣi nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì náà kò ju 58 lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé òtítọ́ ni ó sọ: apá tí ohunkóhun kò ti tún ara rẹ̀ ṣe kò lè gùn ju iye oríṣi ohun tó wà nínú gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú "abba", oríṣi lẹ́tà méjì péré ló wà, nítorí náà 3 ti jẹ́ irọ́ kí a tó wo kóòdù rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìlà kan sí ìparí, ṣáájú `return`:

```python
assert best <= len(set(s))
```

Ìlà yìí ń mú olè kan, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo wọn. Ẹ wo "abcdefcb". Apá tó gùn jù níbẹ̀ ni "abcdef", gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 6. Nígbà tí `c` dé ní ipò 6, `left` bọ́ sí 3. Nígbà tí `b` dé ní ipò 7, kóòdù tó ní àṣìṣe rí i pé ipò 1 ni `b` wà tẹ́lẹ̀, ó dá `left` padà sí 2, ó sì ka "cdefcb" sí fèrèsé tó dára, pẹ̀lú `c` méjì nínú rẹ̀. Gígùn ìyẹn náà jẹ́ 6. Èsì tó tọ́ ni kóòdù náà dá padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ kò tọ́. Bí ẹ bá fi `a` kan kún un, kí ó di "abcdefcba", èsì yóò fò di 8.

Nítorí náà, mo kọ kóòdù kejì tó rọrùn tó sì lọ́ra: ó ń gbé gbogbo apá yẹ̀ wò láti ibi gbogbo tí ó lè ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lo àtẹ kankan. Mo wá fi òun àti kóòdù tó ní àṣìṣe wéra lórí gbogbo sítírìǹgì tí a lè fi `a`, `b` àti `c` kọ, láti lẹ́tà kan dé lẹ́tà mẹ́fà. Gbogbo wọn jẹ́ 1,092, kọ̀ǹpútà sì ń parí wọn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni "abba". Bí mo bá ti ṣe èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá má ti fi èsì èké ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń lo èdè tí àtẹ rẹ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ àyè tí a ti fi nọ́ńbà kún láti ìbẹ̀rẹ̀, -1 ni kí ẹ fi kún un, ẹ má ṣe lo 0. Odo túmọ̀ sí pé "mo rí i ní ipò 0", èyí tó jẹ́ irọ́ fún gbogbo lẹ́tà tí kò tíì dé. Pẹ̀lú 0, "a" nìkan yóò fún yín ní 0, "abc" yóò sì fún yín ní 2.

Ohun kan kù tó kàn wá ní pàtàkì, àwa tí a ń kọ lẹ́tà pẹ̀lú àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni `ọ́` lójú wa, ṣùgbọ́n nínú Yunikóòdù, nọ́ńbà méjì ló jẹ́: ọ̀kan fún `ọ`, ọ̀kan fún àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè rọ́pò àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nínú "ọ́ẹ́", lẹ́tà méjì ni ojú rí, nọ́ńbà mẹ́rin ni Páítọ́ọ̀nù ń kà, àmì ohùn sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì láàárín wọn, nítorí náà 3 ni `longest` yóò dá padà. Kóòdù kò ṣàṣìṣe níbẹ̀. Ohun tí a fún un kọ́ ni ohun tí a rò pé a fún un. Ẹ kọ́kọ́ so àmì kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà tó ni ín, kí ẹ tò wọ́n sínú lísìtì, kí ẹ sì fún `longest` ní lísìtì náà dípò sítírìǹgì. Kò ní béèrè àyípadà kankan nínú rẹ̀, 2 ni yóò sì dá padà.