Èsì: Owó orí lórí pulọ́ọ̀tì tí mo rà ní 2004

"Mo ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú ní 2004, ₦350,000. Mo fẹ́ tà á ní ₦9,000,000 lọ́dún 2026 yìí. Ṣé gbogbo owó yẹn ni wọn yóò gba owó orí lé?"

Rárá o, orí èrè nìkan ni. Ẹ yọ iye tí ẹ rà á, owó ìwé àti sọ̀fíọ̀ (ká ní ₦150,000), fẹ́ǹsì tí ẹ mọ yí i ká (₦600,000), àti owó lọ́yà òun ẹ̀jẹ́ǹtì tó bá yín tà á (₦900,000). Èrè ku ₦7,000,000. Owó ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá ní rìsíìtì, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí ni pé wọn kì í ro ti náírà tó ti já wálẹ̀ láti 2004. ₦350,000 ìgbà yẹn náà ni wọn yóò yọ.

Títí di ìparí 2025, ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ì bá jẹ́ ₦700,000. Òfin tuntun ti da èrè yìí pọ̀ mọ́ owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún. Bí ẹ kò bá ní owó mìíràn, ₦800,000 àkọ́kọ́ bọ́. Ìdá 15 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 lórí ₦4,000,000 tó kù: ₦1,050,000 lápapọ̀. Bí ẹ bá ń gba owó oṣù, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni ẹ ó san án fún.